Ìgò àdí àgbọn 60 ní 3,000 náírà: ṣé èrè wà níbẹ̀?

“Ẹ kú iṣẹ́ mà. Àdí àgbọn ni mo ń ṣe ní Àgbádárìgì. Àgbọn 120 ni mo ń lò lẹ́ẹ̀kan, 300 náírà ni mo ń ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fún mi ní ìgò 20 tó jẹ́ ààbọ̀ lítà. Ìgò àti ìdérí rẹ̀ jẹ́ 200 náírà. 4,500 ni mo ń ta ìgò kan nílé. Alágbàtà kan láti Muṣin fẹ́ kó ìgò 60, ṣùgbọ́n 3,000 ló fẹ́ san. Oníṣọ́ọ̀bù kan ní Ìyànà-Ìbà náà gbọ́, ó ní kí n fún òun ní iye kan náà, ìgò 6 péré ló sì fẹ́. Lójú tèmi, 2,000 ni ìgò kan ń ná mi. Kí ni kí n sọ fún wọn, ìgò mélòó ló sì yẹ kí n ní ó kéré jù?”

Inú 2,000 náírà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́, nítorí náà ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Àgbọn mẹ́fà fún ìgò kan jẹ́ 1,800, ìgò àti ìdérí jẹ́ 200, ó pé 2,000. Ìṣirò yín kò ṣì, ṣùgbọ́n kò tíì parí. Nígbà tí mo pè yín lórí fóònù tí mo bèèrè ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí ẹ bá fọ́ àgbọn títí di ìgbà tí ẹ bá dé ìgò, ẹ dárúkọ àwọn ọmọbìnrin méjì tí ń bá yín fọ́ ọ, tí wọ́n ń yọ ọ́ kúrò nínú èèpo, tí wọ́n sì ń bá yín sẹ́ ẹ. Ẹ dárúkọ ẹ̀rọ tí ẹ ń gbé e lọ lọ̀, ẹ dárúkọ igi tí ẹ fi ń dáná sábẹ́ ọ̀rá tí ẹ bá kó lórí wàrà rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ẹ sì dárúkọ ìwé tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ẹ ń sanwó fún láti inú àpò kan náà tí owó àdí ń wọ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń jáde, tí wọn kò sì hàn nínú ìgò bí àgbọn ti hàn, ẹ kò kà wọ́n mọ́ ojú owó ọjà yín.

Ẹ jẹ́ kí a kà wọ́n báyìí. Àgbọn 120 jẹ́ 36,000 náírà, ìgò 20 jẹ́ 4,000, ìwé ara ìgò jẹ́ 1,000. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ń gba 6,000, ẹ̀rọ ń gba 2,500, igi ìdáná ń gba 2,500. Ìyẹn jẹ́ 52,000. Ohun kan tún kù tí ẹ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bèèrè rẹ̀, ìyẹn ni owó iṣẹ́ tiyín fúnra yín. Ọjọ́ méjì gbáko ni ìkòkò kan, ìyẹn àgbọn 120, ń gbà lọ́wọ́ yín. Bí ara yín kò bá yá lọ́la, tí ẹ ní láti wá ẹni tí yóò dúró ti iná náà kí àdí má baà jóná, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò ní ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fi 5,000 sí i fún ọjọ́ méjèèjì, kò sì pọ̀. Gbogbo rẹ̀ di 57,000 náírà.

Ìgò mélòó ni a ó wá fi pín in? Ẹ kọ 20 sínú lẹ́tà yín, ṣùgbọ́n lórí fóònù ẹ ní nígbà mìíràn 18 ni, nítorí pé àgbọn díẹ̀ ti bàjẹ́ nínú, tàbí ìdérí kan kò mú dáadáa tí àdí sì jò sínú páálí, tàbí omi kò gbẹ tán nínú àdí kan tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí oníbàárà dá a padà. Ìgò tí kò di owó kò yẹ kó wà nínú ìṣirò. Mo mú 19. Bí ẹ bá fi 19 pín 57,000, 3,000 náírà gééré ni ojú owó ìgò kan. A jẹ́ pé iye tí ará Muṣin pè yẹn, ojú owó gan-an ni. Bí ẹ bá tà á fún un bẹ́ẹ̀, ẹ ó ṣe iṣẹ́ ìgò 60, ẹ ó rí owó iṣẹ́ ọjọ́ yín gbà, kò sì sí kọ́bọ̀ kan tí yóò kù fún ilé-iṣẹ́ yín láti fi ra ìkòkò tuntun tàbí láti fi dúró ní oṣù tí àgbọn bá wọ́n. (Háhá àgbọn tí ẹ ń fún ẹlẹ́dẹ̀ jẹ, bí ẹ bá rí ẹni tí ń fi owó rà á déédéé, ẹ lè yọ owó rẹ̀ kúrò nínú 57,000 yìí. Títí di ìgbà náà, ẹ má kà á sí owó.)

Èrò kan wà tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ àwa tí a ń ṣe ọjà lọ́nà, èmi náà wà lára wọn fún ọdún mélòó kan: pé iye alágbàtà ni iye ẹyọ tí a gé díẹ̀ lórí rẹ̀ nítorí pé ẹni náà rà púpọ̀. Ẹni tó bá ronú bẹ́ẹ̀ yóò máa gé láti òkè wá sísàlẹ̀, kò sì ní mọ ìgbà tí ọ̀bẹ bá kan egungun. Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń kọ́ iye alágbàtà. Ojú owó ni ìpìlẹ̀, èrè ẹni tó ṣe ọjà ni ó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni iye alágbàtà sì dúró sí. Ohun tí ó wà lókè rẹ̀, títí dé iye ẹyọ, kì í ṣe tiyín. Owó iṣẹ́ ẹni tó ń tà á ní ẹyọ ni, ẹni tó san owó ṣọ́ọ̀bù, tó ń nu eruku ara ìgò ní àràárọ̀, tó ń dúró de ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ kan ṣoṣo, tó sì ń gbé ọjà tí kò tà fún oṣù méjì. Nígbà tí ẹ bá ta ìgò kan ní 4,500 nílé, ènìyàn méjì ni yín lọ́jọ́ yẹn: ẹni tó ṣe é àti ẹni tó tà á, èrè àwọn méjèèjì ló sì wọ àpò yín. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá bá yín tà á, ẹ ní láti fún un ní èrè kejì, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ fi ti àkọ́kọ́ kún un fún un.

Ọ̀rọ̀ ti wá kan iye tó yẹ kí ẹ pè. 3,600 ni mo dámọ̀ràn fún alágbàtà, ìyẹn èrè 600 lórí ìgò kan. Ìdí tí mo fi mú 600 ni pé àgbọn kì í dúró lójú kan. Bí ó bá kúrò ní 300 tó di 350, ìkòkò kan yóò ná yín ní 6,000 náírà sí i, èyí tí ó lé ní 300 lórí ìgò kọ̀ọ̀kan. Èrè yín yóò dín kù ní ìdajì, ṣùgbọ́n ẹ ó ṣì máa jèrè títí ẹ ó fi lè yí iye padà. Bí ó bá di 400, èrè ti lọ tán pátápátá, àdánù díẹ̀ sì ti wọlé. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ sí ìwé iye tí ẹ bá fún alágbàtà, kí ẹ sì sọ pé iye náà dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Alágbàtà tó mọ iṣẹ́ kì í bínú sí èyí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń ta àgbọn fún yín ń ṣe.

Bí iye alágbàtà bá jẹ́ 3,600, tí iye ẹyọ sì wà ní 4,500, 900 ló kù fún oníṣọ́ọ̀bù. Kò tó fún ẹni tí yóò tún san owó ọkọ̀ láti Muṣin dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń fa iye yín wálẹ̀. Iye ẹyọ yín ló kéré. Ẹ gbé e sí 5,000, kí ẹni tó ń tà á lè rí 1,400. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ “ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún” tí àwọn ilé ìtajà ńlá máa ń sọ. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá ní òun fẹ́ ìdá 30, ẹ lè rò pé orí 3,600 ni yóò ti fi 30 lé e, tí yóò fi tà á ní 4,680. Orí iye tí òun ń tà ni òun ti ń ṣírò: nínú 5,000, òun fẹ́ 1,500, kí ẹ̀yin gba 3,500. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó bọ ọwọ́: “Ṣé nínú iye tí ẹ ó tà á ni, àbí lórí iye tí ẹ ó rà á?” Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdáhùn méjèèjì lè gbé èrè yín lọ.

Ohun kan tí kò sí nínú ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni ni èènì. Ẹni tó bá ra dọ́sìnnì kan ní ilẹ̀ wa yóò na ọwọ́ fún ìgò kan sí i, a sì ń fún un nítorí pé ojú ń tì wá. Ẹ wò ó dáadáa: lórí dọ́sìnnì kan ní 3,600, èrè yín jẹ́ 7,200. Ìgò èènì kan jẹ́ 3,000 lójú owó. Ó ku 4,200. Ẹ ti fi ohun tí ó lé ní ìdá mẹ́ta èrè yín ṣe èènì, ẹ kò sì kọ ọ́ síbì kankan. N kò ní kí ẹ má fún ènìyàn ní èènì, ọjà wa kò gba ahun. Ẹ wá ìgò kékeré kan tí kò gbà ju ìwọ̀n ṣíbí mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, ẹ rọ àdí sí i, kí ẹ sì fi ìyẹn ṣe èènì fún ẹni tó bá ra dọ́sìnnì. Oníṣọ́ọ̀bù lè ṣí i fún oníbàárà rẹ̀ láti gbóòórùn rẹ̀, ó wúlò fún un ju ìgò odidi lọ.

Kí n tó kúrò lórí iye, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ìkòròdú, nítorí pé irú rẹ̀ ti fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà. Ọṣẹ olómi ni mo ń ṣe nígbà náà. Mo fún ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lágbègbè Sábọ̀ ní páálí mẹ́ta ní iye alágbàtà, ó sì ń tà á dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò mi mọ ilé mi, bí wọ́n bá sì wá, mo máa ń ta ẹyọ kan fún wọn ní iye tí ìyá náà fi rà á lọ́wọ́ mi, nítorí pé èrè ṣì wà fún mi níbẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo bá ìgò mọ́kànlá lórí bẹ́ǹṣì níta, ó ti nu eruku ara wọn, ó ti tò wọ́n lójú kan. Oníbàárà rẹ̀ kan ti sọ fún un pé òun lè rí i ní ilé mi ní iye tó dín gan-an. Ìyá náà kò bú mi. Ó kàn ní, “Ẹ kó ọjà yín, mà. N kò lè bá yín du oníbàárà.” Ó tó ọdún kan kó tó tún gba ọjà lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, iye ẹyọ nílé mi àti iye ẹyọ ní ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ọ̀kan náà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti fi ìgò àkọ́kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan, 4,500 ti ilé yín gbọ́dọ̀ di 5,000. Àwọn kan nínú àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ yín nísinsìnyí yóò kùn, ẹ ó sì pàdánù díẹ̀ nínú wọn. Owó ọkọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù ni ó ń dá àwọn yòókù dúró lọ́dọ̀ yín.

Ní ti iye ìgò tó kéré jù, ọ̀pọ̀ ènìyàn kàn ń mú nọ́ńbà kan lórí pé ó dùn ún gbọ́. Ohun tí ó yẹ kó pinnu rẹ̀ ni àwọn ìnáwó tí kì í kéré bí ọjà bá kéré. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ láti Àgbádárìgì sí Muṣin, awakọ̀ ń gbà 3,400 lọ́wọ́ yín, yálà páálí kan ni tàbí méjì. Ọ̀kadà tó gbé e dé gáréèjì gba 800. Ìdajì ọjọ́ yín sì lọ sí ìpè, ìdìpọ̀ àti dídúró kí ọkọ̀ kún, mo fi 1,200 sí ìyẹn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 5,400 fún ìránṣẹ́ kan. Èrè yín lórí ìgò jẹ́ 600, nítorí náà ìgò mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ nínú ẹrù kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ ni ẹ ń tà wọ́n fún. Orí ìgò kẹwàá ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jèrè. Ìgò 12 yóò fún yín ní 1,800 péré lẹ́yìn ọkọ̀, kò tó ìrònú tí ẹ ó rò lórí rẹ̀. Ìgò 24 yóò fún yín ní 9,000. Páálí yín sì ń gba ìgò 12, nítorí náà páálí méjì, ìgò 24, ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n tó kéré jù ní iye 3,600. Ẹ má ṣe pè é ní 20 tàbí 25, nítorí pé páálí tí kò kún ni ìgò ti ń lu ara wọn tí ìdérí fi ń tú. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá kó o nílé yín kò ná yín ní 5,400 yẹn, ẹ lè fún un ní páálí kan ní 3,600.

Ẹ wá wo ará Ìyànà-Ìbà tó fẹ́ ìgò mẹ́fà. Ìgò mẹ́fà lójú owó jẹ́ 18,000. Bí ọkọ̀ rẹ̀ náà bá jẹ́ 5,400, ó di 23,400, ìyẹn 3,900 fún ìgò kan kí ẹ tó jèrè kọ́bọ̀. Ẹ má lé e, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù tuntun ní ẹ̀tọ́ láti dán ọjà wò kó tó kó o rẹpẹtẹ. Ẹ sọ fún un pé 4,200 ni ẹni tó bá rà tó mẹ́fà ṣùgbọ́n tí kò tó 24 ń san, tàbí kí ó san 3,600 kí ó sì wá kó páálí kan fúnra rẹ̀. Èrè tí òun yóò rí kò pọ̀ ní 4,200, òótọ́ ni, ó sì lè kọ̀. Bí ó bá kọ̀, ẹ kò pàdánù ohunkóhun, nítorí pé ní 3,000 tó fẹ́ san, 5,400 ni ẹ ìbá fi tà á lọ́rẹ.

Ìgò 60 ti Muṣin ní ìṣòro mìíràn tí kò kọ́kọ́ hàn. Ìkòkò mẹ́ta yóò fún yín ní ìgò 57, ẹ ó wá dáná ìkòkò kẹrin nítorí ìgò mẹ́ta. Ẹ sọ fún un pé 48 tàbí 72 ni. Ní 72, ìkòkò mẹ́rin pé, ìgò mẹ́rin ṣẹ́kù fún ilé. Bí ó bá sì takú sí 60, ẹ gbà, ṣùgbọ́n kí ẹ ti mọ ẹni tí ẹ ó ta ìgò 16 tó kù fún. Àgbọn ìkòkò mẹ́rin yóò gba 144,000 náírà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó rí owó rẹ̀, àpapọ̀ owó ìgò 60 sì jẹ́ 216,000. 144,000 jẹ́ ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta rẹ̀. Iye yẹn ni kí ẹ gbà ní àsansílẹ̀, kí ó san ìyókù kí ẹrù tó kúrò ní gáréèjì. Ẹ má fi àwìn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí ẹ kò tíì bá ṣòwò rí. Bí ó bá ní òun kò lè san àsansílẹ̀, owó yín ni ó fẹ́ fi ṣòwò.

Ó ṣeé ṣe kó má gbà ju 3,000 lọ. Ọ̀nà kan wà tí iye náà lè fi sún mọ́ tirẹ̀, ìyẹn ni kí ó rà á nínú kẹ́ẹ̀gì. Owó ìgò àti ìwé ara rẹ̀ yóò kúrò nínú ìnáwó, ìkòkò kan yóò wá ná yín ní 52,000, ààbọ̀ lítà yóò sì dín díẹ̀ ní 2,750 lójú owó. Ẹ lè tà á fún un ní 3,200, kí èrè wà fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ronú lórí ohun tí ẹ ń fi sílẹ̀. Orúkọ yín kò ní sí lára rẹ̀ mọ́, nọ́ńbà NAFDAC tí ẹ ń wá lójú méjèèjì kò ní bá a rìn, bí ó bá sì pò ó mọ́ òróró mìíràn, kò sí bí ẹ ó ṣe mọ̀. Tí ó bá jẹ́ èmi, màá ta kẹ́ẹ̀gì ní oṣù tí ìgò kò bá tà, n kò ní fi ṣe iṣẹ́ mi gan-an.

Gbogbo iye tí mo kọ sókè yìí dúró lórí 19 tí mo mú, ojú mi kò sì tíì rí ìkòkò yín. Àgbọn tí kò gbó dáadáa kì í mú àdí jáde bí èyí tó gbó. Ẹ ka ìgò tí ìkòkò mẹ́ta tó ń bọ̀ bá fún yín, àwọn tí ẹ tà tí ẹ sì gba owó wọn nìkan, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná. Bí ó bá jẹ́ 17 ni, ojú owó yín kì í ṣe 3,000 mọ́, ó ti lé ní 3,350, ẹ ó sì ní láti yí 3,600 padà kí ẹ tó dá ará Muṣin lóhùn.